Owó tó ṣèèṣì lọ sọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀: bá a ṣe ń kọ mẹ́sééjì tá a máa fi gbà á padà (ìbéèrè àti ìdáhùn)

Mo ti ṣèèṣì sanwó jù fún fẹ́ńdọ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe kí n tó kọ nǹkan kan sí i?

Ẹ kọ́kọ́ ṣí ápù báǹkì yín, ẹ wo tiránsífà yẹn gan-an, ẹ má wo áláàtì nìkan. Tó bá ti kọ Successful, owó ti kúrò lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀yin àti fẹ́ńdọ̀. Tó bá ṣì wà ní Pending, ẹ ní sùúrù ná, torí ó lè padà wá fúnra ẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ máa bẹ èèyàn nítorí owó tí ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba rìsíìtì tiránsífà náà jáde nínú ápù. Rìsíìtì o, kì í ṣe sikiriṣọ́ọ̀tù áláàtì, torí orí rìsíìtì ni iye owó, aago, orúkọ ẹni tó gbà á àti Session ID máa ń wà pa pọ̀. Ẹ tún wá ibi tí fẹ́ńdọ̀ ti sọ iye ọjà fún yín lórí Wọ́sáàpù, ẹ máa nílò ẹ̀ láti ṣírò.

Kí ló gbọ́dọ̀ wà nínú mẹ́sééjì náà?

Iye tó yẹ kẹ́ ẹ san, iye tẹ́ ẹ san, iye tó fi lé, ọjọ́ àti aago tó wọlé, àti akáùntì tó máa padà sí. Ó tán. Gbogbo ohun tó kù jẹ́ ìkíni àti ẹ jọ̀ọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò rò ni pé fẹ́ńdọ̀ tó ń tajà dáadáa lè gba tiránsífà rẹpẹtẹ lóòjọ́, kò mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn kọ pé "owó tí mo fi ránṣẹ́ yẹn", ẹ ti gbé iṣẹ́ lé e lórí, ó sì máa fi í sílẹ̀ títí ọwọ́ ẹ̀ á fi dilẹ̀, nígbà míì ọwọ́ ẹ̀ ò ní dilẹ̀. Mẹ́sééjì tó dáa ni èyí tí fẹ́ńdọ̀ lè kà lẹ́ẹ̀kan, kó ṣí ápù ẹ̀, kó rí i bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ láìbi yín léèrè ohunkóhun.

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ, èyí tí ò dáa àti bẹ́ ẹ ṣe tún un ṣe.

Ká ní ẹnì kan ra àǹkárá yáàdì mẹ́fà lọ́wọ́ ìyá kan tó ń tajà n'Íbàdàn, ₦16,000, dẹlífírì sí Abẹ́òkúta ₦2,500, àpapọ̀ ₦18,500. Ó wá tẹ òdo kan lé e, ₦185,000 ló lọ. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa kọ́kọ́ kọ ọ́ rèé:

"Ẹ n lẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mo ti ṣe mìsítéèkì o, owó tí mo fi ránṣẹ́ ti pọ̀ jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá a padà kíákíá mà, owó ilé ni o, àsìkò ò dáa, Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ jọ̀ọ́ mà."

Kò sí àrífín kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kà á bíi pé ẹ̀yin lẹ̀ ń tajà: ta nìyí, èló ló san, èló ló fẹ́ gbà, ìgbà wo? Kò sí ìkankan ńbẹ̀. Kíákíá àti owó ilé ló pọ̀ jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí àwọn tó ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí lu jìbìtì náà ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Ó yá, a tún un ṣe:

"Ẹ kú ọjà o, mà. Èmi ni mo ra àǹkárá yáàdì mẹ́fà lọ́wọ́ yín lánàá, ₦16,000, pẹ̀lú dẹlífírì sí Abẹ́òkúta ₦2,500, àpapọ̀ ₦18,500. Mo ṣèèṣì tẹ òdo kan lé e nígbà tí mò ń sanwó, ₦185,000 ló wá wọ akáùntì yín lónìí, ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, aago 2:47 ọ̀sán. Èyí tó fi lé jẹ́ ₦166,500. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ápù yín, tẹ́ ẹ bá ti rí i, kẹ́ ẹ bá mi dá ₦166,500 padà sí akáùntì tó ti wá gan-an: [orúkọ yín, báǹkì yín, nọ́ńbà akáùntì yín]. Rìsíìtì rèé nísàlẹ̀. Àǹkárá mi ṣì dúró o, mo ṣì ń retí ẹ̀. Ẹ ṣeun mà."

Ẹ wo gbólóhùn tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ lójú tèmi. Ó ń jẹ́ kí fẹ́ńdọ̀ mọ̀ pé ẹ ò ní kó gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ lásán. Èyí tó sọ pé ọjà ṣì dúró náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe, torí àwọn míì á rò pé ẹ fẹ́ káńsù ọjà ni, wọ́n á ti máa múra ìjà sílẹ̀ kí wọ́n tó kà á tán.

Ṣé kí n ní kó dá gbogbo owó padà kí n wá tún èyí tó tọ́ san, àbí kí n gba èyí tó lé nìkan?

Ẹ gba èyí tó lé nìkan, àyàfi tí ọjà ò bá sí mọ́. Tẹ́ ẹ bá ní kó dá ₦185,000 padà kẹ́ ẹ tó wá san ₦18,500, ẹ ti sọ iṣẹ́ kan di méjì, fẹ́ńdọ̀ náà á sì máa bẹ̀rù pé ẹ ò ní san mọ́ tówó bá ti dé ọwọ́ yín.

Ẹ ṣírò ẹ̀ síta kó rí i, ₦185,000 yọ ₦18,500, ó ku ₦166,500. Ẹ má gbàgbé dẹlífírì o. Àìmọye èèyàn ló máa yọ owó aṣọ nìkan, wọ́n á ní kó dá ₦169,000 padà, fẹ́ńdọ̀ á wá ní iye yẹn ò tọ̀nà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á ti máa fà, torí ₦2,500 lásán.

Báwo ni mo ṣe máa kọ iye owó náà gan-an?

Ẹ fi fígọ̀ kọ ọ́ tán, pẹ̀lú kọ́mà: ₦166,500. Ẹ má kọ "166k" torí ẹ ti fi 500 sílẹ̀ nìyẹn, ẹ má sì kọ "bíi 170" tàbí "owó tó lé ní 160". Iye kan náà ni kẹ́ ẹ máa pè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tẹ́ ẹ bá pe 166,500 lókè tẹ́ ẹ wá pe 166,000 nísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn ló máa rí.

Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tí kì í ka mẹ́sééjì, tó jẹ́ fọ́ìsì nóòtù lẹ ń fi ránṣẹ́ sí, ẹ pe iye owó náà lẹ́ẹ̀mejì díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tún wá tẹ fígọ̀ yẹn nìkan tẹ̀ lé e. Fígọ̀ ló máa wò nígbà tó bá fẹ́ tẹ owó náà, kò ní padà lọ máa gbọ́ ohùn yín.

Ta ló máa san ṣáájì?

Ẹ̀yin lẹ ṣe àṣìṣe, ẹ̀yin ló yẹ kó gbé ṣáájì, ẹ sì sọ ọ́ kí fẹ́ńdọ̀ tó béèrè. Tiránsífà tó bá lé ní ₦50,000, ₦50 ni CBN ní kí báǹkì gbà, pẹ̀lú VAT ó di ₦53.75. Owó sítáǹbù ₦50 tún wà lórí tiránsífà tó bá tó ₦10,000 sókè. Tẹ́lẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹni tó gba owó ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní 2026 ọ̀dọ̀ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ni. Ìyẹn ni pé tí fẹ́ńdọ̀ bá máa dá ₦166,500 padà, bíi ₦103.75 lè jáde lápò ẹ̀. Kò pọ̀, àmọ́ kí ló dé tó máa san án nítorí ìka yín tó yọ̀?

Kó má baà di ìṣirò kọ́bọ̀, ẹ kúkú kọ ọ́ báyìí: "Ẹ fi ₦166,300 ránṣẹ́, kẹ́ ẹ fi ₦200 tó kù gbé ṣáájì." Tẹ́ ẹ bá máa lo gbólóhùn yìí, ẹ rí i pé ₦166,300 lẹ kọ níbi tẹ́ ẹ ti ní kó dá a padà, ẹ má kọ méjèèjì kó má baà dojú rú.

Ẹ jọ̀ọ́ mélòó ló tó? Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ rí bí ẹni tó ń pàṣẹ.

Ọ̀kan ti tó, níbi tẹ́ ẹ ti béèrè, kẹ́ ẹ wá fi ẹ ṣeun parí ẹ̀. Ìkíni ló máa gbé ọ̀wọ̀ jù, ẹ kí i bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ kí i, ẹ kú ọjà, ẹ kú iṣẹ́, mà tàbí sà, kẹ́ ẹ sì lo ẹ, ẹ má lo o, kódà tí fẹ́ńdọ̀ bá dà bí ọmọdé nínú fọ́tò. Tó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ ti máa ń pè ní Àǹtí tàbí Bọ̀ọ̀dá tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yí i padà torí owó wọ̀ ọ́.

Ohun kan tó máa ń bí àwọn ọlọ́jà nínú ni kéèyàn kọ "Ẹ n lẹ́ mà" kó wá dákẹ́, kó máa dúró dìgbà tí wọ́n bá dáhùn. Ẹ fi ìkíni àti ọ̀rọ̀ sínú mẹ́sééjì kan náà. Àti pé ẹ má lọ sọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò ọjà ẹ̀ níta níbi tí gbogbo kọ́sítọ́mà á ti kà á, bó ti wù kí ẹnu yín dùn tó, ẹ ti dójú tì í nìyẹn.

Fẹ́ńdọ̀ rò pé mo fẹ́ lù ú ní jìbìtì. Kí ni mo máa sọ?

Kò jẹ̀bi. Ọgbọ́n jìbìtì kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á fi rìsíìtì ayédèrú ránṣẹ́, wọ́n á ní àwọn sanwó jù, kí fẹ́ńdọ̀ dá èyí tó lé padà, bẹ́ẹ̀ kò sí owó kankan tó wọlé. Òmíì wà tí owó wọlé lóòótọ́ láti akáùntì ẹni tí wọ́n jí owó ẹ̀, wọ́n á ní kó dá a padà sí akáùntì míì, nígbà tí ẹni tó lowó bá wá fẹjọ́ sùn, akáùntì fẹ́ńdọ̀ ni wọ́n á tì.

Torí ẹ̀ ni mẹ́sééjì yín ṣe gbọ́dọ̀ ní kó dá a padà sí akáùntì tó ti wá, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ tọkọ yín tàbí ti ọ̀rẹ́ yín, kódà kí ápù yín má ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kọ ọ́ sí i pé: "Tẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà akáùntì mi, orúkọ tó máa jáde ni orúkọ tó wà lórí áláàtì yín, tí kò bá bá ara mu ẹ má fi ránṣẹ́ o." Nọ́ńbà mẹ́wàá yẹn tó bá ti tẹ̀ ẹ́, tó mú báǹkì yín, orúkọ á jáde kó tó tẹ owó. Gbólóhùn yẹn ń ṣe ju ìbúra mẹ́wàá lọ.

Àti pé kò sí ìdí tẹ́ ẹ fi máa fi BVN, PIN, OTP tàbí nọ́ńbà káàdì ránṣẹ́ láti fi hàn pé olóòótọ́ ni yín. Tó bá béèrè ìkankan nínú ẹ̀, ẹ dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀.

Ó ní òun ò rí owó kankan.

Ẹ má bá a jiyàn, ẹ fún un ní Session ID. Nọ́ńbà 30 tó máa ń wà lórí rìsíìtì tiránsífà láti báǹkì kan sí òmíràn ni. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ kóòdù báǹkì tí owó ti kúrò, méjìlá tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọdún, oṣù, ọjọ́ àti aago tó kúrò. Báǹkì ẹ̀ lè fi wá owó náà. Ẹ kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀, ẹ má fi fọ́tò nìkan ránṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó máa jókòó máa da nọ́ńbà 30 kọ láti inú fọ́tò láìṣì í.

"Ẹ má bínú mà, ó lè jẹ́ pé áláàtì ni ò wọlé. Ẹ bá mi wo sítétímẹ́ǹtì yín ti ọjọ́ 14, aago 2:47 ọ̀sán, ₦185,000. Session ID ẹ̀ rèé, báǹkì yín lè fi wá a." Tó bá jẹ́ báǹkì kan náà lẹ jọ ń lò, ẹ lè má rí Session ID, Reference lẹ máa lò.

Kì í ṣe pé mo sanwó jù, fẹ́ńdọ̀ tí mo ti rajà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà kan ni mo ṣèèṣì fi owó ẹlòmíì ránṣẹ́ sí.

Èyí wọ́pọ̀ gan-an, torí orúkọ tẹ́ ẹ ti fi pamọ́ sínú ápù, ẹ kàn fọwọ́ kan orúkọ òkè dípò tìsàlẹ̀. Níbí gbogbo owó lẹ máa béèrè, ẹ sì ní láti rán an létí ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, torí kò retí yín:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ra bàtà lọ́wọ́ yín lọ́dún tó kọjá, àkáùntì yín ṣì wà nínú ápù mi. Lónìí ní aago 9:12 àárọ̀ mo fẹ́ san ₦42,000 fún ẹlòmíì, ọ̀dọ̀ yín ló ṣèèṣì wá. Mi ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ yín lónìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, tẹ́ ẹ bá ti rí i, kẹ́ ẹ bá mi dá ₦42,000 padà sí akáùntì tó ti wá."

Tẹ́ ẹ ò bá ní nọ́ńbà fóònù ẹ̀ mọ́, báǹkì yín lẹ máa kọ sí lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn ló máa kàn sí báǹkì tiẹ̀. Ẹ mọ̀ pé báǹkì kì í ṣàdédé fa owó jáde nínú akáùntì ẹlòmíì torí ẹ ní ẹ ṣàṣìṣe o, ẹni tó gbà á ní láti gbà kí wọ́n mú un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè di ọ̀rọ̀ kóòtù. Ìdí nìyẹn tí mẹ́sééjì onírẹ̀lẹ̀ fi máa ń yá ju báǹkì lọ.

Ó ti kà á, kò dáhùn. Ìgbà wo ni mo lè tún kọ, kí ni mo máa kọ?

Tó bá jẹ́ ọ̀sán ọjà lẹ kọ ọ́, ẹ fún un títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá tún kọ. Ẹ má da mẹ́sééjì tàkọ́kọ́ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ kúkúrú: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ọ̀rọ̀ ₦166,500 tó fi lé lánàá ni mo ní kí n rán yín létí. Ṣé ẹ ti rí i nínú akáùntì yín?" Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọrùn fún un ju "kí lẹ ti ṣe sí i".

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta lẹ tó lè dárúkọ báǹkì, kó má sì dún bí ìhàlẹ̀: "Mà, mi ò tíì gbọ́ látọ̀dọ̀ yín. Mo máa fi tó báǹkì mi létí lọ́la kí wọ́n lè bá báǹkì yín sọ ọ́, mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín." Kó tó dìgbà yẹn ẹ lè ti lọ báǹkì, ẹ ò ní láti gba àṣẹ, pàápàá tówó bá pọ̀. Ọlọ́pàá àti ṣépè kò gbọ́dọ̀ wà nínú mẹ́sééjì, torí tọ́rọ̀ bá le, mẹ́sééjì yín náà ni wọ́n máa kà.

Ó ní òun ti fi owó náà rajà, kí n wá kó ọjà dípò ẹ̀, tàbí kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ò ní láti gba ọjà. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ àmọ́ kó yé e: "Ẹ ṣeun mà, mo mọ̀ pé ọjà yín dáa, àmọ́ owó yẹn ní ibi tó ń lọ, owó ni mo máa nílò." Tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀, èmi ò rí ohun tó burú ńbẹ̀, bí iye àti ọjọ́ bá ṣáà ti wà nínú àkọsílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, kó kàn dáhùn pé ó dáa: "A fi ẹnu kò pé ₦66,500 lọ́jọ́ 16, ₦100,000 tó kù lọ́jọ́ 30. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mà?"

Lọ́jọ́kọ́jọ́ tí ìkan bá wọlé, ẹ dáhùn pẹ̀lú iye: "Mo ti rí ₦66,500 o, ẹ ṣeun, ó ku ₦100,000." Tẹ́ ẹ bá kàn fi ọwọ́ ọpẹ́ dáhùn, ó lè ní òun rò pé ó ti tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ápù ránṣẹ́ sí fẹ́ńdọ̀, owó ti pọ̀ jù. Akáùntì wo ló máa dá a padà sí?

Èyí le díẹ̀, torí orúkọ tí fẹ́ńdọ̀ máa rí lórí áláàtì lè jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń fi owó ránṣẹ́, kò ní jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n yín. Tó bá dá owó padà sí akáùntì ilé iṣẹ́ yẹn, kò dájú pé wọ́n á mọ ẹni tó ni ín. Kí ẹ̀gbọ́n yín kọ́kọ́ kọ sí ápù náà, kó bi wọ́n bóyá wọ́n lè gbà á padà. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè ṣe é, ìgbà yẹn nìkan la lè sọ̀rọ̀ akáùntì míì.

Nínú mẹ́sééjì, náírà lẹ máa béèrè, ẹ má béèrè pọ́n-ùn, torí náírà ló wọ akáùntì ẹ̀, iye tí pọ́n-ùn bá di lọ́jọ́ míì kò kàn án. Ẹ̀gbọ́n yín ló yẹ kó kọ ọ́ fúnra ẹ̀, láti nọ́ńbà tó fi bá fẹ́ńdọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tó ń ra ọjà, kó fi rìsíìtì ápù sí i, kó sì kọ orúkọ akáùntì tiyín síbẹ̀ pé òun fọwọ́ sí i. Fẹ́ńdọ̀ lè ní òun fẹ́ rí ojú ẹ̀ lórí fídíò kí òun tó fi ránṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bí yín nínú, ẹ kàn bi í pé aago mélòó ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn.